Ẹ Mí Kanlẹ̀ Kí Ẹ Tó Fọwọ́ Kan Máúsì: Ọ̀rọ̀ Lórí Àárọ̀ Ìdánwò Tíọ́rì Ọkọ̀

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará ilé. Àwọn tó pè mí wá sí Peckham lónìí ní kí n wá kọ́ yín bí ẹ ṣe máa yege ìdánwò tíọ́rì ọkọ̀. Mo ní ẹ ò nílò mi fún ìyẹn. Ìwé rẹ̀ wà lọ́jà, áàpù rẹ̀ wà lórí fóònù yín, mo sì ń rí yín tí ẹ ń kà á nínú bọ́ọ̀sì. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni ti àárọ̀ ọjọ́ ìdánwò gan-an: bí èèyàn ṣe ń mí, àti ohun tó ń bá ara rẹ̀ sọ lọ́kàn, láti ìgbà tó bá ti jí títí fídíò tó kẹ́yìn yóò fi parí. Ó ti lé lọ́dún 10 tí mo ti ń kọ́ni wakọ̀ ní gúúsù London níbí. Àwọn tó máa ń pa dà wá bá mi pẹ̀lú omijé lójú, ọ̀pọ̀ nínú wọn kàwé dáadáa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti màmá kan fún yín. Ó ti wakọ̀ ní Ìbàdàn fún ọdún 11 kó tó dé ibí. Ẹ kúkú mọ òfin wọn: ọdún 1 péré ni wọ́n fi gbà kí èèyàn fi láísẹ́ǹsì Nàìjíríà wakọ̀ lẹ́yìn tó bá ti fìdí kalẹ̀ síbí. Nàìjíríà ò sí lára àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń bá pààrọ̀ láísẹ́ǹsì, torí náà ẹni tó ti ń wa mọ́tò láti ìgbà Ọbásanjọ́ máa lọ gba láísẹ́ǹsì akẹ́kọ̀ọ́, á sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ ọdún 17 níwájú kọ̀ǹpútà. Ìtìjú yẹn wà lára ẹrù tí màmá yìí gbé wọlé. Nílé, ó ń gba 46, 47, 48 nínú 50. Lọ́jọ́ ìdánwò, ó gba 41. Máàkì ìyege jẹ́ 43. Ní apá fídíò, níbi tí èèyàn ti ń wo fídíò ojú títì tó sì ń tẹ máúsì bó bá ti rí ewu, wọ́n ń wá 44 nínú 75, ó gba 39. Ó ní nígbà tóun dé ìbéèrè kẹrin, òun ka gbólóhùn kan nígbà márùn-ún, kò sì yé òun. Ìka ọwọ́ òun ń ta wín-ín wín-ín, òòyì ń kọ́ òun, bẹ́ẹ̀ òun ń mí gan-an gẹ́gẹ́ bí ọ̀rẹ́ òun ṣe ní kóun ṣe. Ẹ fi gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn sọ́kàn, a máa pa dà sí i.

Ṣùgbọ́n kí á tó sọ̀rọ̀ ìbẹ̀rù, ẹ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ìbẹ̀rù ni. Ẹ jókòó nílé, ẹ pa fóònù, ẹ fi ìṣẹ́jú 57 ṣe ìbéèrè 50 tí ẹ ò rí rí, ẹ má sì wo ìdáhùn títí ẹ ó fi parí. Ẹ ṣe é nígbà mẹ́ta ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ẹ bá ń gba 38 tàbí 40 nílé níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ń wò yín, ìwé ni ẹ ò tíì kà tó. Kò sí èémí kankan tó máa sọ fún yín pé lórí títì tí òjò ti rin, àlàfo tó yẹ kó wà láàárín ọkọ̀ yín àti ti iwájú gbọ́dọ̀ di ìlọ́po méjì. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń gba 46 nílé tí ẹ sì gba 41 níbẹ̀, ẹ̀yin ni mo wá bá.

Lọ́dún 1967, àwọn onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá méjì ní Amẹ́ríkà, Liebert àti Morris, sọ pé ìbẹ̀rù ìdánwò kì í ṣe nǹkan kan ṣoṣo. Ọ̀kan jẹ́ ti ara: àyà tó ń lù kì-kì-kì, àtẹ́lẹwọ́ tó ń làágùn, inú tó ń ru. Èkejì jẹ́ ti ọkàn: ọ̀rọ̀ tí èèyàn ń bá ara rẹ̀ sọ, bíi "mo ti kú lónìí, kí ni màá sọ nílé?" Èkejì yìí ló ń jẹ máàkì jù. Ìdí ni pé àyè tí ọpọlọ fi ń di nǹkan mú fún ìgbà díẹ̀ kéré. Ibẹ̀ náà lẹ ti ń di ìbéèrè àti ìdáhùn mẹ́rin rẹ̀ mú láti fi wọ́n wé ara wọn. Bí "kí ni màá sọ nílé" bá ti jókòó síbẹ̀, ìdáhùn kẹta á bọ́ sílẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń ka ìkẹrin. Ìdí nìyẹn tí màmá yẹn fi ka gbólóhùn kan nígbà márùn-ún. Ojú rẹ̀ ń kà á, àmọ́ kò sí àyè tó máa gbé e sí.

Torí náà, oògùn méjì ni. Èémí wà fún ti ara, ọ̀nà ìrònú wà fún ti ọkàn. Ẹni tó bá lo ọ̀kan fún iṣẹ́ èkejì á ní kò ṣiṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí á mú ti èémí. Gbogbo èèyàn ló máa ń sọ pé "fa èémí ńlá sínú." Ìmọ̀ràn yẹn ló da màmá yẹn rú. Nígbà tí ẹ̀rù bá ń bani, èèyàn ti ń mí jù tẹ́lẹ̀ láìmọ̀. Bó bá tún wá ń fa èémí gàn-ùn gàn-ùn sínú, á lé afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù dayọ́síàìdì jáde nínú ẹ̀jẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. A máa ń rò pé ìdọ̀tí lásán ni afẹ́fẹ́ yẹn, ṣùgbọ́n ara nílò ìwọ̀n kan lára rẹ̀. Bó bá ti dín kù jù, àwọn iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ á fún pọ̀, òòyì á kọ́ni, ìka àti ètè á máa ta wín-ín wín-ín, àyà á dà bí ẹni pé wọ́n fi ọ̀já dì í. Ẹni náà á ní "afẹ́fẹ́ ò tó mi," á sì tún fà sí i. Bí ìka yín bá ti ń ta wín-ín wín-ín, ẹ mọ̀ pé ẹ ti mí jù.

Ohun tó ń fọwọ́ wọ́nú ni mímí síta. Àyà ẹ̀dá máa ń yára díẹ̀ nígbà tó bá ń mí sínú, á sì rọra nígbà tó bá ń mí síta. Ẹ lè gbé ìka lé ọrùn ọwọ́ yín nísinsìnyí kí ẹ wò ó. Àwọn kan á gbọ́ ìyàtọ̀ rẹ̀ kedere. Bí ẹ bá wá jẹ́ kí mímí síta gùn ju mímí sínú lọ, àkókò tí àyà fi ń rọra á pọ̀ ju èyí tó fi ń yára lọ.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹ jókòó, kí ẹsẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀, kí èjìká wá sílẹ̀. Ẹ gbọ́wọ́ lé ikùn. Ẹ gba imú mí sínú wẹ́rẹ́, bí ẹni ń gbóòórùn ọbẹ̀ tí kò fẹ́ kí ọlọ́bẹ̀ mọ̀, kí ẹ sì kà lọ́kàn: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Ọwọ́ orí ikùn ló yẹ kó gbéra. Bó bá jẹ́ èjìká ló ń gòkè, èémí yẹn ti tóbi jù. Lẹ́yìn náà ẹ rọra tú u sílẹ̀ láàárín ètè, bí ẹni ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún, ẹ̀fà. Ẹ má di èémí mú láàárín. Ẹ̀ẹ̀kan jẹ́ nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 10, torí náà mẹ́fà ló wà nínú ìṣẹ́jú 1. Ìṣẹ́jú 3 sí 5 ni ẹ máa ṣe é kó tó wọ ara. Bí mẹ́rin àti mẹ́fà bá fẹ́ fún yín lọ́rùn, ẹ ṣe mẹ́ta àti mẹ́rin. Ẹni tó bá lóyún tàbí tó ní ikọ́ fée, kó má fipá gùn ún rárá.

Èyí tó kúrú wà pẹ̀lú, ẹ sì ti mọ̀ ọ́n látijọ́. Ọmọdé tó bá ti sunkún tán máa ń ṣe é láìsí olùkọ́: á fa èémí, á tún fa díẹ̀ lé e lórí, á wá tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, hùùùù. A máa ń pè é ní mímí kanlẹ̀. Nínú ẹ̀dọ̀fóró, àwọn àpò kéékèèké kan máa ń rọ̀ palẹ̀ nígbà tí a bá ń mí kúkúrú kúkúrú. Ìfàsí kejì yẹn ló ń tún wọn ṣí. Lọ́dún 2023, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Stanford gbé ìwádìí kan jáde níbi tí àwọn èèyàn ti ń mí kanlẹ̀ báyìí fún ìṣẹ́jú 5 lójúmọ́ fún oṣù kan. Inú tiwọn dára sí i ju ti àwọn tó kàn jókòó tí wọ́n ń kíyè sí èémí wọn lọ. Ẹ rí i pé oṣù kan ni wọ́n fi ṣe é. Ẹni tó bá jẹ́ pé àárọ̀ ìdánwò ló máa kọ́kọ́ gbìyànjú rẹ̀ ti fẹ́ kọ́ ìwẹ̀ nínú odò tó kún. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, ní alaalẹ́, lórí ibùsùn.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan ti ń sọ lọ́kàn pé, "Ṣé àdúrà ò tó ni?" Ẹ má bínú, mo ní ọ̀rọ̀ kan lórí ìyẹn. Lọ́dún 2001, Bernardi àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ítálì wo àwọn tó ń ka àdúrà ìlẹ̀kẹ̀ àwọn Kátólíìkì ní èdè Látìn, wọ́n sì rí i pé kíkà náà fúnra rẹ̀ fa èémí wọn wá sí nǹkan bí mẹ́fà ní ìṣẹ́jú 1. Torí náà, Sáàmù tí ẹ bá kà jẹ́ẹ́jẹ́, ẹsẹ kan ní èémí kan, ń ṣiṣẹ́ méjì. Ṣùgbọ́n èyí tí a máa ń gbà pẹ̀lú ariwo níwájú géètì, tí a ń mì orí, tí ọ̀rọ̀ ń sáré lé ọ̀rọ̀, ẹ gbà á lálẹ́ àná. Ara ò mọ̀ pé àdúrà ni. Ó rò pé ẹ ń sá fún nǹkan ni.

Ó kan ti ọkàn. Aṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí èèyàn pàṣẹ fún ara rẹ̀ pé, "Má bẹ̀rù." Ẹ gbìyànjú kí ẹ má ronú nípa ewúrẹ́ pupa fún ìṣẹ́jú kan. Ṣé ẹ rí i? Ó ti wọlé. Ọ̀rọ̀ tí a bá ń lé lọ́kàn máa ń pa dà wá, nítorí ẹni tó ń ṣọ́ ọ ní láti máa rántí rẹ̀. Nǹkan méjì ló sàn ju lílé lọ.

Àkọ́kọ́ ni kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ramirez àti Beilock, ní Yunifásítì Chicago, tẹ iṣẹ́ wọn jáde lọ́dún 2011: wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ìṣẹ́jú 10 kọ gbogbo ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù nípa ìdánwò kété kí wọ́n tó ṣe é, máàkì àwọn tí ẹ̀rù ń bà sì gòkè. Ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá. Mo tẹnu mọ́ èyí, nítorí láti oṣù Kẹrin 2014 ni wọn kò ti gbà kí èèyàn ṣe ìdánwò yìí pẹ̀lú ohùn èdè òkèèrè mọ́, Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ máa kà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù yín ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. "Ojú á tì mí" ló ń sọ fún yín, ohùn ìyá yín ló sì fi ń sọ ọ́. Èdè tó fi wá ni kí ẹ fi dá a lóhùn. Ẹ kọ ọ́, ẹ ya bébà náà, ẹ jù ú nù. Kò sẹ́ni tó ní kí ẹ̀kọ́ kankan wà nínú rẹ̀.

Èkejì ni kí ẹ yí ìtumọ̀ àyà tó ń lù pa dà. Jamieson àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀, nínú iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2010, sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan pé àyà tó ń yára lásìkò ìdánwò lè ràn wọ́n lọ́wọ́. Àwọn yẹn ṣe dáadáa nínú ìṣirò ju àwọn tí wọn kò sọ nǹkan kan fún lọ. Ẹ ò lè pa irọ́ fún ara yín pé ọkàn yín balẹ̀ nígbà tí aṣọ yín ti tutù fún òógùn. Ṣùgbọ́n ẹ lè sọ pé, "Ara mi ti jí. Ẹ̀jẹ̀ ń lọ sókè fún iṣẹ́." Òótọ́ ni, ọkàn á sì gbà á.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ bí màmá yẹn ṣe ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, nítorí níbẹ̀ lẹ máa ti rí ibi tí oògùn kọ̀ọ̀kan ń bọ́ sí. Ẹni tó bá fìdí rẹmi gbọ́dọ̀ dúró ó kéré tán ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta kó tó tún ṣe é. Òun fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i. Aago 10 ni ìdánwò rẹ̀. Ó jí ní aago 7, ó jẹ ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín díẹ̀. Kọfí méjì tó máa ń mu tẹ́lẹ̀, ó mu ìdajì ọ̀kan, nítorí kọfí ń mú kí àyà lù, kò sì sẹ́ni tó lè fi èémí bá kọfí méjì jà. Kò ṣí áàpù rárá. Ní aago 8 ààbọ̀, ó jókòó sídìí tábìlì, ó fi ìṣẹ́jú 10 kọ ìbẹ̀rù rẹ̀. Ó sọ èyí tó kọ́kọ́ kọ fún mi: "Ọmọ mi ti sọ fún wọn ní ṣọ́ọ̀bù pé mo fèélì." Nínú bọ́ọ̀sì, ó mí mẹ́rin-mẹ́fà fún ìṣẹ́jú 5, ojú rẹ̀ sí fèrèsé.

Ibi ìdánwò ló ti kọ́kọ́ ní ìṣòro. Wọ́n gba láísẹ́ǹsì akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ wò, wọ́n ní kó kó fóònù, aago ọwọ́ àti báàgì sínú lọ́kà. Wọ́n tún ní kó tú àpò aṣọ rẹ̀ síta. Ibí yìí ni àyà ọ̀pọ̀ wa ti máa ń já, torí ó jọ ti pápákọ̀ òfurufú. Ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, torí mo ti sọ fún un pé gbogbo ẹni tó bá wọlé ni wọ́n ń ṣe é fún. Ó mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀méjì níwájú lọ́kà.

Ó jókòó. Ìbéèrè kẹta wá jẹ́ èyí tí kò mọ̀ rárá. A ti ṣètò ohun tó máa ṣe sílẹ̀, ní ọ̀rọ̀ kan péré: bí mo bá ka ìbéèrè lẹ́ẹ̀mejì tí kò yé mi, màá mú ìdáhùn kan, màá tẹ Flag, màá mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, màá lọ. Ètò bẹ́ẹ̀ dára nítorí kò sí ìpinnu kankan láti ṣe nígbà tí ọpọlọ ti há. Ó sì yẹ kí ẹ mọ ìṣirò rẹ̀: ìṣẹ́jú 57 fún ìbéèrè 50 ju ìṣẹ́jú 1 lọ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀pọ̀ ìbéèrè ò sì gbà ju ìṣẹ́jú àáyá 30 lọ. Ẹ lè fi odidi ìṣẹ́jú kan dijú kí ẹ mí lẹ́ẹ̀mẹ́fà, kò ní pa yín lára. Ìbéèrè márùn-ún ló fàmì sí. Nígbà tó pa dà sídìí wọn, mẹ́ta ti yé e.

Lẹ́yìn ìbéèrè, wọ́n máa ń fúnni láyè ìsinmi tó tó ìṣẹ́jú 3 kí fídíò tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn èèyàn máa ń fò ó kọjá kí wọ́n lè tètè lọ, ó sì máa ń dùn mí. Ìṣẹ́jú 3 jẹ́ èémí 18. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n fún yín!

Fídíò wá ni ibi tí ìbẹ̀rù ti ń ṣiṣẹ́ ibi jù, torí ìka ló ń gbé e. Fídíò 14 ni, ewu 15 ló wà nínú wọn torí pé ọ̀kan ní méjì, kò sì sí pé a ń pa dà sẹ́yìn. Bí ẹ bá tẹ máúsì gẹ́rẹ́ tí ewu bẹ̀rẹ̀ sí í rú yọ, máàkì 5. Bí ẹ bá ṣe ń pẹ́ sí i ló ń dín kù. Bí ẹ bá ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́ níbi tí kò sí ewu, wọn kì í yọ máàkì. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń tẹ̀ ẹ́ léraléra bí ẹni ń lu agogo, òdo ni wọ́n máa fún un fún fídíò yẹn. Nígbà àkọ́kọ́, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí màmá yẹn nìyẹn nínú fídíò méjì. Kì í ṣe pé kò rí ewu. Àyà rẹ̀ ń sáré, ìka rẹ̀ sì ń tẹ̀ lé e.

Kí fídíò kọ̀ọ̀kan tó gbéra, wọ́n máa ń fi àwòrán rẹ̀ dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 10. Ẹ wò ó dáadáa: mẹ́rin sínú, mẹ́fà síta. Ó ṣe rẹ́gí bí ẹni pé a wọ̀n ọ́n. Mo ní kó máa mí sínú bó ṣe ń wo títì náà, ṣé ìgboro ni àbí abúlé, ṣé ọkọ̀ wà lẹ́bàá ọ̀nà, kó wá máa mí síta pẹ̀lú ìka tó rọ̀ lórí máúsì. Ó ṣe é nígbà 14. Nínú fídíò keje, ọkọ̀ kan tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ń tan iná pé òun fẹ́ wọ títì. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan nígbà tó rí iná náà, ó tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan nígbà tí táyà bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ó sì gbé ìka kúrò. Ó gba 47 nínú ìbéèrè, ó gba 58 nínú fídíò.

Ìbéèrè méjì ni wọ́n bi mi kí n tó jókòó, màá kọ wọ́n síbí. Arákùnrin kan ní òun máa ń ka Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ẹ́jẹ́, ìyẹn ló sì ń da òun láàmú ju ìbẹ̀rù lọ. Mo ní kó bèèrè fún ohùn tó ń ka ìbéèrè sínú etí nígbà tó bá ń fi orúkọ sílẹ̀. Bó bá sì jẹ́ pé ó ní ìṣòro ìwé kíkà tó ní ẹ̀rí, wọ́n lè fi àkókò kún tirẹ̀. Nígbà tó bá ń fi orúkọ sílẹ̀ ni kó ti bèèrè o, kì í ṣe lójú ọ̀nà ibi ìdánwò.

Aṣọ́nà kan ní ọ̀rẹ́ òun fún òun ní hóró oògùn tó ń mú àyà rọlẹ̀, propranolol, pé kóun lò ó láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo bi í bóyá ó ní ikọ́ fée. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, láti kékeré. Mo ní kó dá a pa dà fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ lálẹ́ òní, torí oògùn yẹn lè dí ọ̀nà èémí ẹni tó ní ikọ́ fée pátápátá. Bí ìbẹ̀rù bá ń gbá a mú níbi tí kò sí ìdánwò pẹ̀lú, nínú bọ́ọ̀sì, ní ibi iṣẹ́, dókítà rẹ̀ ló yẹ kó rí. Ó kọ iye èémí náà sẹ́yìn ọwọ́ rẹ̀ pẹ̀lú bírò, mẹ́rin, mẹ́fà, ó sì bi mi bóyá wọ́n máa jẹ́ kóun gbé ìyẹn wọlé. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní kó wẹ̀ ẹ́ kúrò kó tó lọ.